Ohun tí fọ́tò ọkọ̀ tó ń dán kò lè sọ

Fọ́tò méjì ló wà lórí fóònù ọmọ iṣẹ́ náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Kòrólà aláwọ̀ fàdákà kan ti tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀, páànù tó yí orí táyà ẹ̀yìn ká náà sì ti wó. Nínú ìkejì, ọkọ̀ ọ̀hún ń dán, ojú ọ̀run hàn lára rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ti gbé méjèèjì sórí sítétọ́ọ̀sì Wáàsáàpù ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀, ohun tó sì kọ sábẹ́ wọn ni pé: “Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ rèé, bó ṣe dà rèé. Ọlọ́run ló ṣe é. Iṣẹ́ wa dáa, owó wa kò sì pọ̀. Ẹ pè wá.”

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wò ó. Àwọn kan fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́. Ẹni méjì béèrè pé “Èló?”, wọ́n gbọ́ iye, wọ́n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ń fà lọ fà bọ̀ nígbà tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn, nítòsí Ìwó Róòdù n’Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń lu ọkọ̀ tó bá tẹ̀, tí wọ́n sì ń kùn ún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí i,” ni ọ̀gá wí. “Ọjọ́ 6 ni mo fi ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó kàn rọ fílà dí kòtò yẹn, tó kùn ún láàárín ọjọ́ 2, ṣebí fọ́tò tiẹ̀ náà á dán bẹ́ẹ̀?”

Òótọ́ ló sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí ni pé mo ti jìyà irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ya ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi ní Mókólà. Mo rí fọ́tò méjì irú èyí láti ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ, ọkàn mi fà sí i, mo gbé ọkọ̀ lọ. Ó dán nígbà tí mo gbà á. Òjò ọdún kan péré ló rọ̀ sí i kí ọ̀dà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Nígbà tí ẹlòmíì wá fi ìrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan họ ọ́, fílà bọ́ sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀kọ gbígbẹ, ó nípọn ju ìka ọwọ́ mi lọ, páànù tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ṣì tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ kọlù ú. Ipata ti mú un. Wọn ò tún ọkọ̀ mi ṣe, fìlà ni wọ́n dé e.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò òun pe oníbàárà gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí dídán bò mọ́lẹ̀. Mo ní kí ọ̀gá sọ gbogbo ohun tó ṣe fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ máa kọ ọ́. Lẹ́yìn náà la ó wá ṣà á.

Ó ní ilẹ̀kùn ni òun kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí ó ṣeé tú. Ó yọ pákó ìbòrí inú rẹ̀ kí ọwọ́ òun lè dé ẹ̀yìn páànù. Ó fi irin wúwo kan tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dọ́lì ti inú kòtò láti ẹ̀yìn, ó wá ń fi òòlù lu etí kòtò tó yọ sókè láti ìta. Kì í ṣe àárín kòtò ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá kọlu páànù, àárín ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, etí á wá ká tẹ̀ lé e. Bí a bá ń tú u, ohun tó ká kẹ́yìn la máa kọ́kọ́ tú. Ẹni tó bá kù gìrì lu àárín, ńṣe ni páànù máa rún, á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Páànù orí táyà ni wàhálà. Wọ́n jó o mọ́ ara ọkọ̀ ni, kò ṣeé tú bí ilẹ̀kùn, ọwọ́ kò sì dé ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ó jó àwọn wáṣà kéékèèké mọ́ ibi tó tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìkọ́ kọ́ wọn, ó rọra ń fà á jáde, bẹ́ẹ̀ ló sì ń fi òòlù kan etí rẹ̀. Nígbà tó jáde tán, ó ṣẹ́ àwọn wáṣà náà kúrò, ó fi ẹ̀rọ họ ojú ibẹ̀.

Páànù ara ọkọ̀ kò nípọn tó mílímítà 1. Bí òòlù bá pọ̀ jù, ńṣe ló máa fẹ̀. Á wá máa rọ̀ gọ̀bọ̀gọ̀bọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á dún “kọ̀”, ẹ gbọ́wọ́ kúrò, á tún dún “kọ̀” padà, bí ìdérí agolo. Ó ṣẹlẹ̀ níbì kan lára ọkọ̀ yìí, ọ̀gá kò sì fi pa mọ́ fún mi. Ó fi iná gbóná yan ojú kan tí kò ju owó ẹyọ lọ títí ó fi pọ́n, ó wá fi àkísà tútù lé e kíákíá kí ó lè sún kì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí ibẹ̀ tó gbó.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ọkọ̀ mìíràn wà nílẹ̀ tó ń lù lọ́wọ́, ara rẹ̀ ló ti ṣe é hàn mí. Ó fi àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àtẹ́lẹwọ́, ó dijú, ó ń fọwọ́ pa páànù náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn, bí ìyá tó ń fọwọ́ wá ibi tó ń ro ọmọ. Ó dúró lójijì. “Ó ṣì yọ níbí.” Mo wò ó, n kò rí nǹkan kan. Mo fọwọ́ òfìfo pa á, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fún mi ní àkísà, ó ní kí n tún un ṣe. Lóòótọ́, nǹkan kan kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi bí okùn tín-ín-rín lábẹ́ ẹní. Awọ ọwọ́ máa ń fà mọ́ irin, ni kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ibi tó yọ. Àkísà ló ń jẹ́ kó yọ̀.

Ìgbà tí ọwọ́ kò bá rí ẹ̀sùn mọ́ ni fílà tó kàn. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní bọ́dìfílà. Èéfín àti ìyẹ̀fun rẹ̀ ló ń rùn ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó dí àpá òòlù lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi sáńpépà ha á tán, kò yẹ kí ó nípọn ju mílímítà 3 lọ. Wọ́n ń po háádínà mọ́ ọn, nǹkan bíi gíráàmù 2 sí gíráàmù 100 fílà. Bí háádínà bá kéré, kò ní gan. Bó bá pọ̀ jù, àwọ̀ rẹ̀ lè ta jáde lára ọ̀dà tó bá yá. Fílà sì máa ń fa omi, nítorí náà ọ̀gá kì í fi sáńpépà olómi ha á bí wọn kò bá tíì fi práímà bò ó. Omi tó bá há sínú rẹ̀ ló máa ń padà wá gbé ọ̀dà sókè. Mo rántí ọkọ̀ tèmi.

Ọ̀dà wá kù. Àwọ̀ fàdákà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọ̀ tó le jù láti bá dọ́gba, nítorí ìpẹ́pẹ́ irin kéékèèké wà nínú rẹ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, bí wọ́n bá sì ṣe fọ́n ọn ni ìpẹ́pẹ́ náà á ṣe sùn. Bí ẹ fọ́n ọn láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọ̀ á mọ́lẹ̀ jù. Bí ẹ sún mọ́ ọn jù, á ṣókùnkùn. Ọ̀gá wo ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, ibi tí wọ́n kọ “C/TR” sí, ó sì rí 1F7 níbẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀dà nìyẹn, ohun sì ni wọ́n fi po ọ̀dà fún un. Síbẹ̀, ọkọ̀ tó ti pẹ́ lábẹ́ oòrùn kì í bá ọ̀dà tuntun mu pátápátá, kódà bí nọ́ńbà bá ṣe rẹ́gí. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ ọ̀dà náà wọ ara ilẹ̀kùn iwájú díẹ̀díẹ̀, tó ń fúyẹ́ bó ṣe ń lọ, títí tí ojú kò fi mọ ibi tí tuntun parí sí. Lẹ́yìn náà ló wá fi kílíà bo gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀kùn iwájú yẹn kò tẹ̀ rárá. Ẹ kíyè sí i.

Ọmọ iṣẹ́ ti kọ ojú ìwé kan àbọ̀ nígbà tí ọ̀gá dákẹ́. Ó kà á sókè. Gbogbo nọ́ńbà sáńpépà wà níbẹ̀, láti 80 dé 800, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n fi práímà sí i. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: “Ṣé o fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́ ni?”

Ẹni tó ń wo sítétọ́ọ̀sì kò ní jókòó ka ojú ìwé kan àbọ̀. Ìka rẹ̀ ti wà lẹ́bàá fóònù, ó fẹ́ kọjá sí ti ẹlòmíì. Lórí Ínsítágíráàmù gan-an, ìlà bíi méjì àkọ́kọ́ ló máa hàn, ìyókù á fara pamọ́ títí ẹni náà á fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí ọ̀gá sọ, mo ní ká mú èyí tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀ ń bẹ̀rù nìkan. Ohun mẹ́ta péré ni. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí òun ra ilẹ̀kùn tuntun. Ó ń bẹ̀rù fílà. Ó sì ń bẹ̀rù kí ọkọ̀ òun má di aláwọ̀ méjì, tí ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́jọ́ iwájú á fi máa na ìka sí i.

Nọ́ńbà sáńpépà bọ́ sílẹ̀. “Iṣẹ́ wa dáa” bọ́ sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa kọ pé iṣẹ́ òun kò dáa. “Owó wa kò pọ̀” náà bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá gan-an ló ní ọ̀rọ̀ yẹn ló ń kó àwọn tó ń béèrè “Èló?” wá. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ kí “Ọlọ́run ló ṣe é” kù síbẹ̀. N kò bá a jà. Mo kàn ní kó fi sí ìparí, lẹ́yìn tó bá ti sọ ohun tí òòlù ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo èyí bí fọ́tò kò bá gbè é lẹ́sẹ̀. Fọ́tò àkọ́kọ́ wọn, ọ̀sán gangan ni wọ́n yà á, láti ọ̀ọ́kán. Èkejì, ìrọ̀lẹ́ ni, láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ náà sì tutù nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á fura, nítorí omi máa ń bo àléébù lára ọ̀dà. Ibì kan náà, àkókò kan náà, ọkọ̀ gbígbẹ, ó tán. Ọ̀gá tún fi ọgbọ́n kan kún un tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí a gbé ọkọ̀ sí ibi tí òjìji òpó iná á ti hàn lára ilẹ̀kùn. Bí páànù bá gún régé, òpó náà á gún régé lára rẹ̀. Bí ibì kan bá ṣì wọnú, òpó á wọ́ níbẹ̀ bí ejò. Fọ́tò tí òpó ti gún lára ọkọ̀ ti sọ̀rọ̀ fún oníṣẹ́ kí ó tó lanu.

Nọ́ńbà ọkọ̀ hàn gbangba nínú fọ́tò méjèèjì. Mo ní kí wọ́n bò ó. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ lára nọ́ńbà ọkọ̀ nílẹ̀ wa ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti gbà á, bí KJA ṣe ń tọ́ka sí Ìkẹjà. Kò sí ìdí tí gbogbo ayé á fi mọ̀ pé ọkọ̀ báyìí, láti ibi báyìí, ló forí gbárí. Ọkọ̀ oníbàárà ni, ó sì yẹ kí wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde rárá.

Ibi tí mo ti ń wo fóònù náà ni mo ti rí fọ́tò kan tí ọmọ iṣẹ́ kò gbé jáde. Òun ló yà á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́jọ́ kẹta iṣẹ́. Kò lẹ́wà rárá. Páànù ìhòòhò ni, ó ń dán bí ojú abẹ, àpá òòlù kún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dúró bó ṣe yẹ kó dúró. Kò sí fílà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀dà. Mo pe ọ̀gá kó wá wò ó. Bí wọ́n bá fi èyí sáàárín méjèèjì, ẹni tó kàn rọ fílà dí kòtò kò lè ya irú rẹ̀ láé.

Mo tún bi wọ́n bóyá wọ́n ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ọmọ iṣẹ́ yọ ọ̀kan lára ẹ̀rọ sípíkà tó ti bàjẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré máa ń lẹ̀ mọ́ irin tí ọ̀dà àti fílà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí fílà bá nípọn, ńṣe ló máa bọ́ sílẹ̀. (Ẹ má ṣe dán an wò lára bọ́ńpà kí ẹ wá máa bá oníṣẹ́ jà o. Rọ́bà ni bọ́ńpà, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn láéláé.) Olówó Kòrólà náà kò tíì wá gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì lé ojú ibi tó jìn jù nínú kòtò tẹ́lẹ̀. Ó lẹ̀. Wọ́n ya ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ owó ló mú kí èmi àti ọ̀gá jiyàn. Mo fẹ́ kó kọ iye tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní iye tínà àti ọ̀dà ń yí padà, àti pé kòtò méjì kì í dọ́gba, ẹni tó bá rí iye kan lónìí á fi mú òun lọ́rùn lóṣù tó ń bọ̀. N kò gbà pé ó tọ̀nà tán. Oníbàárà tí kò bá rí iye kankan máa ń rò pé wọ́n fẹ́ wo bàtà ẹsẹ̀ òun kí wọ́n tó dá owó. Ohun tí a fi parí rẹ̀ ni pé wọ́n á kọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ gbà, wọ́n á sì sọ ohun tí èèyàn máa fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó lè dá iye lé e lọ́jọ́ kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní “Èló?” á ti mọ̀ pé fọ́tò ni èsì rẹ̀.

Ọ̀gá ní ohun kan ṣì kù, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọlẹ̀ dé ṣásí, fọ́tò kò lè fi hàn. Ohun tó máa ń tú u fó ni kí ilẹ̀kùn má pa dé dáadáa mọ́, kí àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjì fẹ̀ lókè kó há nísàlẹ̀, tàbí kí ọkọ̀ máa fà sápá kan bí èèyàn bá ń wà á. Irú ìyẹn, kò ní dá iye lé e lórí fóònù, kò sì ní ṣèlérí kankan.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọmọ iṣẹ́ tún un kọ. Ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà rèé:

“Ilẹ̀kùn tẹ̀, páànù orí táyà wó. A kò pààrọ̀ ìkankan nínú wọn. Kòrólà 2010 ni. Òòlù la fi gbé e jáde: ẹ wo fọ́tò kejì, fílà kò tíì kàn án. Fílà tó wà lára rẹ̀ báyìí kò tó mílímítà 3, mágínẹ́ẹ̀tì ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọn. A fẹ́ ọ̀dà wọ ilẹ̀kùn iwájú kí ọkọ̀ má baà di aláwọ̀ méjì. Ọjọ́ 6 ló gbà. Bí tiyín bá tẹ̀, ẹ ya fọ́tò 3: ọ̀kan ní ọ̀ọ́kán, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan tó gbé gbogbo ìhà ọkọ̀ náà. Ẹ kọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀. A ó sọ iye fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ilẹ̀kùn kò bá pa dé mọ́, ẹ má ya fọ́tò, ẹ gbé e wá ká fojú rí i. Ọlọ́run ló ṣe é.”

Mo ti ń múra àtilọ nígbà tí fóònù dún. Kámúrì dúdú kan ni, fọ́tò mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n yà á gẹ́lẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ti ń yọ̀. Ọ̀gá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka méjì fẹ ẹ̀kẹta lójú, ó wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀.

“Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé e bọ̀,” ló wí. “Má dá iye kankan.”